Bí A Bá Dákẹ́ Nínú Kíláàsì Tuntun

Òwe méjì kan wà tí àwọn àgbà wa fi sílẹ̀ fún wa, àwọn méjèèjì kò sì gba ọ̀nà kan náà lọ. Èkíní wí pé a kì í dákẹ́ kí a ṣì wí. Èkejì wí pé bí a bá dákẹ́, tara ẹni a máa bá ni dákẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan di òwe kìíní mú ṣinṣin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko ní ilé-ìwé tuntun, díẹ̀ ló sì kù kí ó bá ìwé kíkà rẹ̀ jẹ́. Ọ̀nà tí a gbà kí ó tó mọ ìtumọ̀ òwe kejì ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí, nítorí mo mọ̀ pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ṣàì sí nínú ilé ẹ̀yin náà.

Ìtàpájì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé, ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ni ó sì ti kàwé títí ó fi parí sẹ́kọ́ńdìrì kékeré. Ní oṣù Sẹ́tẹ́ńbà ọdún tó kọjá, bàbá rẹ̀ mú un wá sọ́dọ̀ mi ní Ìdó, kí ó lè bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kìíní ní sẹ́kọ́ńdìrì àgbà níbí. Ọmọ ọdún 14 ni. Ọ̀nà tí wọ́n gbà wá, láti Ìkọ̀lé sí Ọ̀yẹ́, láti Ọ̀yẹ́ sí Ìfàkì, kí wọ́n tó kọrí sí Ìdó, kò gùn lọ títí, ṣùgbọ́n lójú ọmọ náà ó dà bí ẹni tí ó ré òkun kọjá. Ẹ mọ̀ pé Ìdó ní ilé-ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ti ibi gbogbo wá, nítorí náà ọmọ Ìbàdàn wà nínú kíláàsì rẹ̀, ọmọ Ìlọrin wà níbẹ̀, ọmọ Èkó náà sì wà. Àwọn ọmọ 52 ni wọ́n jókòó, kò sì mọ ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn.

Ní ọjọ́ kẹta tí ó wọlé, olùkọ́ Yorùbá ní kí ó dìde kí ó sọ nǹkan díẹ̀ nípa ilé wọn. Ó dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa "ulé" wọn, bí àwa ará Èkìtì ti ń pè é. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn tí ó rẹ́rìn-ín, bí wọ́n bá délé, "ulé" náà ni ìyá wọn ń wí. Ọmọ náà jókòó, kò sì ya ẹnu mọ́. Bí a bá pe orúkọ rẹ̀ nínú rẹ́jísítà, ọwọ́ ni ó ń nà sókè. Bí olùkọ́ bá bi í ní ìbéèrè, ilẹ̀ ni ó ń wò títí a ó fi pe ẹlòmíràn. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹrin yóò fi pé, wọ́n fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi láti ilé-ìwé pé ó dà bí ẹni pé ẹ̀kọ́ kò wọ ọmọ yìí lórí. Mo sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀ lórí fóònù, ọkùnrin náà kò sì fi ọ̀rọ̀ gùn. Ó ní bí sáà yìí bá parí tí kò bá yàtọ̀, kí ó padà sí Ìtàpájì kí ó wá kọ́ṣẹ́ aránṣọ.

Kò sí ohun tí ó burú nínú iṣẹ́ aránṣọ. Ṣùgbọ́n ọmọ náà fẹ́ràn ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí, àwọn ìwé tí ó ń kọ sílẹ̀ nílé sì fi hàn pé ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ yé e. Ọ̀rọ̀ kò jáde ni, kì í ṣe pé ọgbọ́n kò sí nínú.

Lákọ̀ọ́kọ́, mo ṣe bí ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣe. Mo ní, "Ta ni ó fẹ́ jẹ ọ́? Ṣá dìde kí o sọ̀rọ̀!" Ìmọ̀ràn tí kò níláárí ni. Ó dà bí ìgbà tí a bá sọ fún ẹni tí kò mọ odò wẹ̀ pé kí ó ṣá bẹ́ sínú omi. Ìgbà tí mo rí i ní ilé-kéwú ní ọjọ́ Sátidé kan ni ojú mi là. Mo lọ mú un níbẹ̀, kí n tó dé ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ojú títì, ó ń ké kéwú níwájú Àáfà, ohùn náà sì dún ketekete. Mo dúró, mo ń bi ara mi léèrè pé, ṣé ọmọ yìí náà ni wọ́n ń sọ pé kò lè dáhùn sí rẹ́jísítà?

Mo rò ó títí, mo sì rí i pé ohun mẹ́ta ni ó ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀. Èkíní, ó mọ ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́ sọ kí ó tó ya ẹnu. Èkejì, ó ti tún un sọ lọ́pọ̀ ìgbà kí ó tó wá síwájú Àáfà. Ẹ̀kẹta, etí kan ṣoṣo ni ó ń gbọ́ ọ, nítorí àwọn ọmọ yòókù ń ké tiwọn lọ. Nínú kíláàsì tuntun, ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a já gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò mọ ohun tí a ó bi í, kò rí àyè tún ọ̀rọ̀ sọ, etí 50 sì ṣí sílẹ̀ sí i. Ẹ̀rù kò ṣe ní bà á?

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí ó jẹ́ olùdámọ̀ràn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ìwé mìíràn. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo rí fún un, ó ní bí àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ọmọ ènìyàn ti ń ṣe é nìyẹn: wọn a ṣe àkàbà fún onítìjú, wọn a sì jẹ́ kí ó gùn ún ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí n dá ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà padà fún un ní ilé-ìwé, kí a wá máa yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan kúrò díẹ̀díẹ̀. Ó sì ní kí ọmọ náà ní ìwé pélébé kan tí yóò máa kọ ìwọ̀n ẹ̀rù rẹ̀ sí, láti òdo títí dé 10. Òdo ni ìgbà tí ara balẹ̀ bí ẹni tí ó jókòó lórí ẹní nílé. Ẹẹ́wàá ni ìgbà tí ènìyàn ń rò pé kí ilẹ̀ lanu kí ó gbé òun mì. Kí ó kọ ọ́ kí ó tó sọ̀rọ̀, kí ó tún kọ ọ́ lẹ́yìn tí ó bá sọ ọ́ tán. Òfin rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kò gbọdọ̀ fi ìgbésẹ̀ kan sílẹ̀ títí ìwọ̀n tí ó ń kọ kí ó tó sọ̀rọ̀ yóò fi dín sí ìlàjì ti ọjọ́ kìíní.

Ìgbésẹ̀ kìíní ni rẹ́jísítà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ má ṣe fojú kéré rẹ́jísítà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ẹ ti mọ̀ ọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo ènìyàn ni ó sì ń sọ ọ́, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò yíjú wò yín. Àyè tí ó rọrùn jù lọ láti jẹ́ kí kíláàsì gbọ́ ohùn yín ni. A fi ẹ̀yìnkùlé wa dánra wò. Mo dúró ní ìgbésẹ̀ ẹsẹ̀ mẹ́rin sí i, mo pe orúkọ rẹ̀, ó sì dáhùn pé, "Pírẹ́sẹ̀ǹtì, sà." Mo sún mọ́ ẹ̀yìn dé mẹ́jọ, lẹ́yìn náà dé 12, èyí tí ó tó ìwọ̀n láti iwájú kíláàsì dé ẹ̀yìn. Nígbà tí mo dé 12, n kò gbọ́ "sà" mọ́. Mo wá mọ̀ pé kì í ṣe pé ohùn rẹ̀ kéré, ìdí ọ̀rọ̀ ni ó ń gbé mì. Onítìjú a máa sáré parí ọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ sá lọ. Mo ní kí ó má pariwo o, kí ó kàn mí dáadáa, kí ó gbé orí sókè, kí ó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu. Ìgbà mẹ́wàá ni a ń ṣe é láràárọ̀, kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè ó kọ 6 sílẹ̀ kí a tó pe orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ó di Fúráìdè ó kọ 2.

Ìgbésẹ̀ kejì jẹ́ ti ẹni tí ó jókòó tì í. Lójoojúmọ́, kí ó bi ẹnì méjì ní ìbéèrè kan tí ó ti mọ̀ láti ilé wá: "Ojú ewé wo ni a dé?" tàbí "Ṣé lónìí ni a ó dá iṣẹ́ ìṣirò padà?" Ìbéèrè kékeré ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá ni ó ń ṣe, nítorí ẹni tí a bá ti bá sọ̀rọ̀ kò tún jẹ́ àlejò mọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó mọ orúkọ ọmọ mẹ́jọ. Nígbà tí ó bá wá fẹ́ sọ̀rọ̀ sí gbogbo kíláàsì, ojú mẹ́jọ tí ó mọ̀ wà láàárín wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni kíkàwé sókè. Níhìn-ín a fi etí púpọ̀ kún un, ṣùgbọ́n a kò yọ ọ̀rọ̀ tí ó mọ̀ kúrò, nítorí ìwé ni ó gbé e síwájú rẹ̀. Mo ní kí ó lọ bá olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ́fíìsì wọn nígbà ìsinmi, kí ó kúnlẹ̀ kí i bí ọmọ tí a kọ́, kí ó sì wí pé, "Ẹ jọ̀wọ́ mà, ojú máa ń tì mí. Bí a bá fẹ́ kàwé lọ́la, ẹ jọ̀wọ́ ẹ jẹ́ kí n ka ìpínrọ̀ kejì." Ẹ̀yin òbí, ẹ kíyè sí i pé ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni ó lọ, kì í ṣe èmi. Ó wù mí kí n lọ bá a sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá lọ, ẹnu tèmi ni yóò gbó, tirẹ̀ kò ní gbó. Inú olùkọ́ náà dùn. Ó sì wí fún un pé òun ti rò pé ìgbéraga ni ó ń ṣe é.

Ẹ dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn díẹ̀. Nínú ilé wa, ọmọ tí ó bá dákẹ́ níwájú àgbà ni a ń yìn. A kọ́ wọn pé kí wọ́n má wo ojú àgbà, kí wọ́n má dá sí ọ̀rọ̀. Ẹ̀kọ́ rere ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí olùkọ́ bá bi ọmọ léèrè tí ọmọ sì dákẹ́, olùkọ́ kò ní mọ̀ bóyá ọ̀wọ̀ ni, tàbí ìgbéraga, tàbí àìmọ̀. Ó yẹ kí a sọ fún wọn kedere pé ìbéèrè olùkọ́ jẹ́ àṣẹ láti sọ̀rọ̀, àti pé ẹni tí ó dáhùn kò ṣe àfojúdi.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ó ka ìpínrọ̀ náà sókè ní ìgbà márùn-ún. Ní ọjọ́ kejì ó kọ 8 sílẹ̀, ohùn rẹ̀ gbọ̀n, ó fo ìlà kan, ó sì kà á tán. Bí ó ti jókòó, ó kọ 3. Ó fi í hàn mí nílé, ẹnu sì yà á pé ẹ̀rù náà tètè lọ. Mo ní, "Ohun tí ìwé pélébé yẹn fẹ́ kọ́ ọ nìyẹn. Kí o tó sọ̀rọ̀ ni ẹ̀rù ń ga jù. Bí o bá sọ̀rọ̀, a sọ̀ kalẹ̀. Bí o bá dákẹ́, o kò ní mọ̀ láéláé pé ó ń sọ̀ kalẹ̀." Ó tún kà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin sí i láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Mo rí i pé bí ó bá kà lónìí tí ó tún kà ní ọ̀tunla, ìwọ̀n náà a máa dín. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá láàárín méjì, ẹ̀rù a tún fẹ́ padà sí ibi tí ó wà. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí àlàfo pẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin ni ó fẹ́ dá wa dúró. Ìbéèrè ni kí ó béèrè, ìbéèrè tí ó ti kọ sílẹ̀ láti alẹ́. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ìbéèrè sì rọrùn ju ìdáhùn lọ, nítorí a kì í gba ìbéèrè kùnà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta léra ni ó gbé ìbéèrè lọ tí ó sì gbé e padà wálé. Mo bi í bí ó ti ń ṣe é. Ó ní òun ń dúró kí àwọn ẹlòmíràn sọ tiwọn tán ni, bí òun bá sì ti fẹ́ nawọ́, agogo a lù. Ní ọjọ́ kẹrin ó nawọ́, ṣùgbọ́n ohun tí olùkọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé tán ni ó béèrè, àwọn ọmọ kan sì tún rẹ́rìn-ín. Ó wálé pẹ̀lú ẹkún. Ó kọ 9 sínú ìwé rẹ̀.

A jókòó yẹ̀ ẹ́ wò, a sì rí àṣìṣe méjì. Èkíní ni ìdúró. Bí a bá ṣe ń dúró tó ni ẹ̀rù ń gbèrú tó, àwọn tí ó sì ti sọ̀rọ̀ ṣáájú a máa dà bí ẹni tí ó gbọ́n jù wá lọ. Nítorí náà a ṣe òfin pé kí ọwọ́ rẹ̀ wà lára ọwọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ tí yóò lọ sókè. Èkejì ni pé bí ó ti jókòó, ìbéèrè náà ni ó ń tún kà nínú ọkàn, kò gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń wí. Ọgbọ́n tí ó rò pé ó ń gba òun là ni ó ń kó bá a. A ní kí ó kọ ìbéèrè náà sí etí ìwé rẹ̀ ní gbólóhùn kúkúrú kan, kí ó sì gbé ọkàn kúrò lórí rẹ̀. Bí olùkọ́ bá ti dáhùn rẹ̀ kí ó tó béèrè, kí ó fa ìlà sí i, kí ó bọ́ sórí èkejì. Ìbéèrè méjì ni ó ń mú lọ láti ìgbà náà.

Ọ̀rọ̀ èdè náà wà níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ọmọ náà sì ń gbìyànjú láti fi Gẹ̀ẹ́sì ronú kí ó tó béèrè, ni ó bá ń ṣì í. Mo rántí iṣẹ́ tí olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Alíù Bàbátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ láti ọdún 1970. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí a kọ́ bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ Yorùbá yìí ṣe dáadáa jù, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Mo sọ fún ọmọ náà pé kí ó kọ́kọ́ fi Yorùbá wa, àní pẹ̀lú "ulé" inú rẹ̀, mọ ohun tí kò yé e, kí ó wá wá gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan tí kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́jọ lọ fún un. Gbólóhùn gígùn ni ó ń dẹ pàkúté fún onítìjú. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ó béèrè ìdí tí ewé tí kò rí oòrùn fi ń pọ́n. Olùkọ́ ní ìbéèrè náà dára, ó sì lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí rẹ̀. Ó kọ 7 ṣáájú, ó kọ 2 lẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún ni ìdáhùn tí a kò múra sílẹ̀ fún. Níbí ni ọ̀rọ̀ tí a mọ̀ àti àtúnsọ ti lọ tán. Onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Méérì Bọ́ọ̀dì Rówì, kọ ọ́ ní ọdún 1974 pé bí olùkọ́ bá béèrè ìbéèrè, bí ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni wọ́n sábà máa ń dúró kí wọ́n tó pe ẹlòmíràn tàbí kí wọ́n dáhùn fúnra wọn. Nígbà tí wọ́n dúró tó àáyá mẹ́ta, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta nínú ọkàn yín. Àwa náà ṣe é nílé. Nídìí oúnjẹ alẹ́ mo ń bi í ní ìbéèrè tí kò retí, mo ń kà dé mẹ́ta láìsọ̀rọ̀, òun náà sì kọ́ láti fi gbólóhùn kan ra àyè fún ara rẹ̀: "Mo rò pé..." Bí ènìyàn bá ti wí bẹ́ẹ̀, kíláàsì mọ̀ pé ìdáhùn ń bọ̀, ahọ́n náà sì ti kúrò lójú kan.

Ó dáhùn lọ́jọ́ kan pé kòkòrò ni aláǹtakùn. Olùkọ́ ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé ẹsẹ̀ mẹ́fà ni kòkòrò ní, aláǹtakùn sì ní mẹ́jọ. Ọmọ náà wálé, ó ní gbogbo kíláàsì yóò máa pe òun ní aláǹtakùn títí ọdún yóò fi yípo. Mo ní kí ó ṣe ohun kan lọ́la: kí ó bi márùn-ún nínú àwọn tí ó mọ̀ bóyá wọ́n rántí ẹni tí ó ṣì í nípa aláǹtakùn. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó rántí, òun náà sì ní òun ì bá ti ṣì í bákan náà. Ní ọdún 2000, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Kọ̀nẹ́ẹ̀lì ní Amẹ́ríkà tẹ irú ìwádìí kan jáde. Wọ́n wọ akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ẹ̀wù tí àwòrán olórin kan tí àwọn ọ̀dọ́ kò kà sí wà ní àyà rẹ̀, wọ́n sì ní kí ó wọ inú yàrá tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà. Ó rò pé bí ìdajì wọn ni yóò ti rí àwòrán náà. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n, àwọn tí ó mọ ẹni tí ó wà níbẹ̀ kò tó ẹnì kan nínú mẹ́rin. Ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú kíláàsì ń ronú nípa ìtìjú tirẹ̀, kò ráyè tọ́jú ti ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí àkàbà yìí kò lè dé. Bí àwọn kan bá ń dọdẹ ọmọ lójoojúmọ́, tí wọ́n ń fi orúkọ burúkú pè é tàbí tí wọ́n ń gba nǹkan rẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú mọ́. Àgbàlagbà ni kí ó lọ rí ọ̀gá ilé-ìwé. Bí ọmọ bá ń kólòlò, tàbí tí kò gbọ́ràn dáadáa, ìtọ́jú rẹ̀ yàtọ̀. Bí ó bá sì ń sọ̀rọ̀ fàlàlà nílé, ṣùgbọ́n tí oṣù kan kọjá lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ sáà tí kò lè sọ ọ̀rọ̀ kan fún ẹnikẹ́ni ní ilé-ìwé, àní fún ẹni tí ó jókòó tì í pàápàá, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí wọ́n sì júwe ẹni tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ fún yín. Ẹ má ṣe nà án, ẹ má sì ṣe sọ lójú rẹ̀ fún àlejò pé, "Ojú máa ń ti eléyìí." Ọmọ a máa wọ orúkọ tí a bá fún un bí ẹ̀wù.

Ní oṣù Dìsẹ́ńbà, bàbá rẹ̀ wá láti Ìtàpájì. Ìwé èsì sáà wà lórí tábìlì. Ipò kejìdínlógún ni ó mú nínú ọmọ 52, kì í ṣe èkíní. Ọkùnrin náà yẹ̀ ẹ́ wò, kò sọ nǹkan kan, mo sì ya ẹnu láti gbè é lẹ́yìn. Ọmọ náà fi ọwọ́ kàn mí. Ó kúnlẹ̀, mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní, "Bàbá mi, mo ní nǹkan kan láti sọ. Mo fẹ́ dúró síbí. Ẹ̀kọ́ náà ń yé mi, mo sì ti ń béèrè èyí tí kò bá yé mi." Gbólóhùn kúkúrú mẹ́ta ni, ó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn pẹ́ lẹ́nu.

Bàbá rẹ̀ wò ó pẹ́. Ó wá bi mí pé, "Láti ìgbà wo ni eléyìí ti ń sọ̀rọ̀?" Mo ní kí ó bi ọmọ rẹ̀. Ó bi í, ó sì dá a lóhùn.

Ó ṣì wà lọ́dọ̀ mi ní Ìdó. Kì í ṣe aláròyé, n kò sì fẹ́ kí ó di aláròyé. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni ó ń nawọ́ sókè, ìwé pélébé rẹ̀ sì fi hàn pé 4 ni ó ń kọ nísinsìnyí kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní kò dé òdo rí, òun kò sì dúró dè é mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń múra àtiwọ kíláàsì tuntun, bí a bá ti pe orúkọ yín nínú rẹ́jísítà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ dáhùn kí ó dé ẹ̀yìn.